Bá a ṣe to oògùn Màmá láti Èkó dé Àtìláńtà, lọ àti àbọ̀

Aago mẹ́rin ìdájí ni mo gbọ́ tí Màmá ń pe àǹtí wa kan tó ti kú tipẹ́, wọ́n ń ní kó wá gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Mo rò pé àlá ni. Ìgbà tí mo tan iná, aṣọ ọrùn wọn ti rin gbingbin, wọ́n ń làágùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ojú wọn là sílẹ̀ àmọ́ wọn ò dá mi mọ̀. A gún ìka wọn, a fi ẹ̀rọ wọn ṣúgà, 52 ló gbé jáde. Tó bá ti kéré sí 70 báyìí, ó ti lọ sílẹ̀ jù nìyẹn. Wọ́n ṣì lè gbé nǹkan mì, torí náà ìyàwó mi po ṣúgà sínú omi díẹ̀, sibi kékeré mẹ́ta tó kún, a gbé wọn jókòó, wọ́n ń mu ún díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún a tún wọn ọ́n, ó ti gòkè kọjá 80, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá pé kí ló dé tá a rọ̀gbà yí àwọn ká bí ẹni tó fẹ́ ka ìwé ìhágún.

Àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n sọ̀kalẹ̀ láti Àtìláńtà, oṣù kẹwàá ni. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní oògùn tí kì í ṣe tiwọn, kò sẹ́ni tó ṣi yúnìtì kà. Aago ló ṣe é. Nínú bàálù, aago ọwọ́ wọn ṣì wà ní ti Amẹ́ríkà, ó lu mẹ́sàn-án alẹ́, wọ́n gún ínsúlínì wọn, yúnìtì 18 pé. Wọ́n dé Èkó, fóònù wọn yí aago padà fúnra rẹ̀, ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ti Nàìjíríà, álámù dún, wọ́n tún gún yúnìtì 18 míì. Lójú wọn, ọjọ́ kan ti kọjá láàárín ẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án alẹ́ ní Àtìláńtà lóṣù kẹwàá, aago méjì òru ni nílùú wa, tẹ́ ẹ bá kà á láti ibẹ̀ dé mẹ́sàn-án alẹ́ wa, wákàtí 19 péré ni. Oògùn tó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24 ò tíì parí iṣẹ́ ẹ̀ tí èkejì fi bá a, ó wá lọ bọ́ sí alẹ́ tí wọ́n ti rẹ̀ tí wọn ò jẹ ju sibi ẹ̀kọ méjì lọ.

Ìgbà tí wọ́n tún fẹ́ lọ ní oṣù kìíní, torí àbúrò mi obìnrin tó bímọ, mi ò gbà kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ká tó lọ rí dókítà tó ń tọ́jú wọn n'Íbàdàn. Ohun tó kọ́ wa ni mo fẹ́ kọ síbí, bá a ṣe ṣe é gan-an, nítorí mo mọ̀ pé àwọn ìyá àti bàbá tó ń lọ gba ọmọ jó lókè òkun pọ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní bíípí tàbí ṣúgà tàbí méjèèjì. Iye oògùn tó wà níbí, ti Màmá ni o. Ọgbọ́n ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ gbé tiyín lọ bá dókítà tiyín.

Àkọ́kọ́: ẹ ka iye wákàtí tó wà láàárín ilé àti ibi tẹ́ ẹ ń lọ

Nàìjíríà kì í yí aago padà, àmọ́ Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba máa ń yí i. Tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù lẹ ń lọ, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, nígbà ooru tiwọn aago wọn àti tiwa jọ ń lọ ni, nígbà òtútù wákàtí kan péré la fi ṣáájú wọn, ẹ kàn máa tẹ̀lé aago ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti dé. Amẹ́ríkà ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Àtìláńtà fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta, tó bá di ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kẹta wọ́n á sún aago wọn síwájú, ìyàtọ̀ á di wákàtí márùn-ún títí di ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Ẹ wò ó dáadáa, torí ẹni tó bá lọ lóṣù kìíní tó bọ̀ lóṣù kẹrin bíi ti Màmá, wákàtí mẹ́fà ló bá lọ, wákàtí márùn-ún ló bá bọ̀. Ìwé tẹ́ ẹ kọ nígbà tẹ́ ẹ ń lọ ò ní bá àbọ̀ mu.

Ohun kejì tí dókítà ní ká mọ̀ ni ìhà tẹ́ ẹ kọrí sí. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, láti ọ̀dọ̀ wa lọ sí Amẹ́ríkà, ọjọ́ yẹn á gùn. Ti Màmá di ọjọ́ oníwákàtí 30. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá sí ìlà-oòrùn, ọjọ́ yẹn á kúrú, ti àbọ̀ jẹ́ 19. Ọjọ́ tó gùn máa ń fẹ́ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín oògùn méjì, ọjọ́ tó kúrú máa ń fẹ́ kó wọn gun ara wọn. Fún oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, gígun ara wọn yìí ló léwu jù, torí ṣúgà tó ga díẹ̀ fún ọjọ́ kan ò ní gbé Màmá dákú, àmọ́ èyí tó já wálẹ̀ lóru tí gbogbo ilé ń sùn, ẹ ti rí i.

Ìkejì: ẹ kó gbogbo oògùn jáde sórí tábìlì, kẹ́ ẹ mọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ó kéré tán oṣù kan kẹ́ ẹ tó rìn ni kẹ́ ẹ ṣe eléyìí, lọ́dọ̀ dókítà, kì í ṣe lórí fóònù ní ọjọ́ ọ̀la ìrìn àjò. A da báàgì oògùn Màmá sórí tábìlì, dókítà ń gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ìwà wọn. Ó ní oògùn náà dà bí èèyàn, ó lónísùúrù, ó lónínú fùfù.

Amlodípìnì tí Màmá ń lò fún bíípí, mílígíráàmù 10 láràárọ̀, onísùúrù ni. Ó máa ń pẹ́ lára gan-an, ó tó wákàtí 30 sí 50 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà bí ẹ bá lò ó ní wákàtí márùn-ún mẹ́fà síwájú tàbí sẹ́yìn, ara ò tiẹ̀ ní mọ̀. Dókítà ní kí Màmá kàn máa lò ó láàárọ̀ ibi tí wọ́n bá wà, ó parí. Kì í ṣe gbogbo oògùn bíípí ló nísùúrù báyẹn o. Ẹni tó bá ń lo èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó béèrè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó sì ń lo èyí tó ń mú kéèyàn máa tọ̀, kó sọ fún dókítà pé wákàtí méjìlá lòun fẹ́ jókòó sínú bàálù. Àwọn àgbà kan máa ń fi í pamọ́ fúnra wọn torí àtilọ sílé ìtura léraléra, tàbí kí wọ́n má mumi, èyí tó burú ju. Ẹ ra àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àárín, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí dókítà sọ àsìkò tó yẹ kí wọ́n lò ó.

Mẹtifọ́mìnì ń tẹ̀lé oúnjẹ ni, mílígíráàmù 500 láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó fẹ́ kí nǹkan wà nínú ikùn ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ru inú sókè. Lójú òfurufú, wọ́n lè gbé oúnjẹ wá láago méjìlá òru, kí wọ́n tún gbé òmíì wá kí bàálù tó balẹ̀, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á ro pé níwọ̀n ìgbà tóúnjẹ ti dé, oògùn náà ti tó lò. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín wákàtí 24 náà ló ṣì jẹ́, ì báà ṣe abọ́ oúnjẹ mẹ́ta ni wọ́n gbé síwájú yín.

Mo fẹ́ fi eléyìí kún un fún àwọn tó ń lo gilimẹpiráìdì tàbí gilikilasáìdì. Ìyẹn kì í dúró de oúnjẹ bíi mẹtifọ́mìnì, tó bá ti wọnú ara iṣẹ́ ló ń ṣe, ó ń mú ṣúgà wálẹ̀ bóyá ẹ jẹun o bóyá ẹ ò jẹun. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kan lo tiẹ̀ ní ẹ́pọ́ọ̀tù, lórí ìlà, torí wọ́n ní oúnjẹ máa wà nínú bàálù. Bàálù pẹ́ kó tó gbéra, oúnjẹ pẹ́ kó tó dé, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lórí ìjókòó, ẹni tó jókòó tì wọ́n ló fún wọn ní kóòkì mu. Dókítà wa gbọ́ ìtàn yẹn, ó ní ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: kí abọ́ oúnjẹ balẹ̀ síwájú yín ná, kẹ́ ẹ sì rí i pé ohun tẹ́ ẹ lè jẹ ni, kẹ́ ẹ tó gbé e sẹ́nu. Ínsúlínì kúkúrú tí wọ́n ń gún fún oúnjẹ náà, òfin kan náà ló ń tẹ̀ lé.

Onínú fùfù wá ni ínsúlínì gígùn, gilájíìnì, yúnìtì 18 ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Èyí ò mọ ọ̀sán, kò mọ òru, kò sì bìkítà pé ẹ wà n'Íkẹjà àbí Àtìláńtà, nǹkan bíi wákàtí 24 ló fi ń ṣiṣẹ́. Òun la torí ẹ̀ kọ ìwé. (Oríṣi míì wà tó ń jẹ́ dẹgilúdẹ́ẹ̀kì tó máa ń lò ju wákàtí 42 lọ lára, ètò tiẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, ẹ má fi ti Màmá ṣe é.)

Àwọn míì tí ìwà wọn jọ ti ínsúlínì wà: oògùn wárápá, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, oògùn kòkòrò HIV, oògùn ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí náà wà níbẹ̀. Nínú èyí tí kò ní ẹsitirójìnì, irú ti àtijọ́ wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá fi ju wákàtí mẹ́ta lọ pẹ́ lò ó, ẹ ò lè gbọ́kàn lé e mọ́ fún ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Tí ọ̀kan nínú wọ̀nyí bá wà nínú báàgì yín, ẹ ní kí dókítà kọ àkókò ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún yín.

Ìkẹta: ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, aago méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ìwé tiwa, bébà kádì kan ni, mo fi bíró pupa kọ aago Èkó, mo fi dúdú kọ ti Àtìláńtà, mo kọ ọ́ gàdàgbà torí ojú Màmá. Bàálù máa gbéra láago mọ́kànlá alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó máa lo nǹkan bíi wákàtí méjìlá àtààbọ̀, tó túmọ̀ sí pé ó máa balẹ̀ láago mọ́kànlá àtààbọ̀ àárọ̀ Ẹtì ti Èkó, aago márùn-ún àtààbọ̀ ìdájí ni lọ́hùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ìrìn àjò, gbogbo ẹ̀ ṣì wà lórí aago Èkó. Amlodípìnì láago méje àárọ̀. Mẹtifọ́mìnì láago mẹ́jọ pẹ̀lú ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ti alẹ́, a gbé e wá sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí wọ́n lè fi àmàlà gbé e mì nílé ká tó kó ẹrù sínú mọ́tò, wákàtí méjì síwájú yẹn ò ṣe nǹkan kan. Láago mẹ́sàn-án alẹ́ wọ́n ti wà ní ibi tí wọ́n ti ń dúró de bàálù, wọ́n wọn ṣúgà wọn, 146, wọ́n gún yúnìtì 18. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún sí oògùn kankan nínú bàálù. Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn, kí wọ́n dìde rìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún àgbàlagbà ní oògùn oorun nínú bàálù kó lè sùn dọ́hùn-ún. Dókítà fi ọwọ́ gbá tábìlì nígbà tí mo béèrè ẹ̀. Ó ní ẹni tó sùn bí òkú ò ní na ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí i nínú iṣan ẹsẹ̀, tí ṣúgà ẹ̀ bá sì já wálẹ̀ kò ní jí láti sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì, láti ìgbà tí bàálù bá ti balẹ̀, aago Àtìláńtà ló kù. Wọ́n délé àbúrò mi láago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n jẹun, wọ́n lo amlodípìnì àti mẹtifọ́mìnì. Tẹ́ ẹ bá kà á, ó ti tó wákàtí 31 tí wọ́n ti lo amlodípìnì gbẹ̀yìn. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i lórí ìwé, dókítà ló ní kí n fọkàn balẹ̀, onísùúrù la pè é. Mẹtifọ́mìnì náà ti jẹ́ wákàtí 20, ó kàn ń bọ́ padà sórí oúnjẹ àárọ̀ ni.

Ínsúlínì wá ńkọ́? Mẹ́sàn-án alẹ́ Èkó jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán ní Àtìláńtà. Wọ́n ò lè máa gún un láago mẹ́ta ọ̀sán fún oṣù mẹ́ta, àárín ìwẹ̀ ọmọ ló máa bọ́ sí. Tí wọ́n bá sì dúró di mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, wákàtí 30 ló máa jẹ́, wákàtí mẹ́fà nínú ẹ̀ ò ní ní ínsúlínì kankan. Ohun tí dókítà ṣe ni pé ó fi wákàtí méjì méjì fà á. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta ọ̀sán. Sátidé, aago márùn-ún. Ọjọ́ Àìkú, aago méje. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó ti dé ibi tá a fẹ́. Àlàfo ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí 26, yúnìtì 18 náà ni, kò lé, kò dín. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn ó ní kí wọ́n máa wọn ṣúgà kí wọ́n tó gún un, àti láàárọ̀ tí wọ́n bá jí. Ó ga díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, 201, dókítà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní ká má fi yúnìtì kankan lé e tí kò bá ti kọjá 300. Tí àwọn kan bá rí 201 wọ́n á ti sáré fi yúnìtì mẹ́rin kún un, ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìkẹrin: fóònù ni ọ̀tá, ẹ mú un mọ́lẹ̀

Álámù fóònù kì í ka wákàtí o, ojú aago ló ń wò. Tẹ́ ẹ bá ṣe álámù sí mẹ́sàn-án alẹ́ n'Íbàdàn, tẹ́ ẹ dé Àtìláńtà tí nẹ́tíwọ́kì wọlé, mẹ́sàn-án alẹ́ ti Àtìláńtà ló máa dún. Nínú bàálù tí fóònù ò ní nẹ́tíwọ́kì, aago ilé ló ṣì ń lò, tó bá balẹ̀ ó yí padà láìsọ fún yín. Màmá ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀ nígbà yẹn.

Ọ̀nà méjì la gbé e gbà. Àkọ́kọ́, a pa gbogbo álámù oògùn tó ti wà tẹ́lẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ ìrìn àjò. Kò sí èyí tó ń dá dún. Tí wọ́n bá délé àbúrò mi ni àbúrò mi á wo ìwé, á ṣe álámù tuntun fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ọ̀la á tún ṣe tọ̀la, títí tí á fi dúró sójú kan. Èkejì, aago ọwọ́ kan tí kì í ṣe ti fóònù, aago ọlọ́wọ́ lásán, a fi sílẹ̀ sórí aago Èkó, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ Ajé. Tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, tí bàálù bá pẹ́, aago yẹn ló máa sọ iye wákàtí tó ti lọ. Ẹni tí kò ní aago ọwọ́ lè lo `World Clock` lórí fóònù, kó fi Lagos kún un. Ẹni tó bá fẹ́ kí fóònù iPhone má yí aago padà rárá, kó lọ sí `Settings`, `General`, `Date & Time`, kó pa `Set Automatically`. Àmọ́ mi ò fẹ́ràn ìyẹn fún àgbàlagbà, wọ́n á gbàgbé pé àwọn pa á, gbogbo ọjọ́ wọn á dàrú.

Ìkarùn-ún: ibi tí oògùn máa wà

Báàgì ọwọ́. Gbogbo ẹ̀. Ẹrù abẹ́ bàálù lè sọnù, òtútù ibẹ̀ sì lè mú kí ínsúlínì dì bíi yìnyín. Ínsúlínì tó ti dì rí ò wúlò mọ́, kódà bó tilẹ̀ yọ́ padà tó sì mọ́ bí omi. Péènì tí wọ́n ti ṣí ò nílò fíríìjì, ó lè lo ọjọ́ 28 níta tí ooru ò bá kọjá ìwọ̀n 30. Àwọn tí wọn ò tíì ṣí ni wọ́n máa ń kó sínú kúlà kékeré, kẹ́ ẹ fi aṣọ wé yìnyín ẹ̀ kó má bàa fara kan oògùn.

Ohun tó máa ń dun èmi ni náílọ́nù. Ẹ mọ àwọn náílọ́nù kékeré tí fámásì ọsibítù máa ń da tábílẹ́ẹ̀tì sí, tí wọ́n á fi bíró kọ 1 x 2 sí lára, kò lórúkọ, kò sí nọ́ńbà NAFDAC. Níbí gbogbo wa mọ ohun tó túmọ̀ sí. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù lókè òkun ò mọ̀ ọ́n, dókítà ibẹ̀ náà ò ní mọ̀ ọ́n tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ ra oògùn nínú páálí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí orúkọ oògùn gan-an wà lára ẹ̀, torí orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un níbí lè má sí lọ́hùn-ún. Ẹ gba lẹ́tà dókítà tó ní orúkọ aláìsàn bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù, orúkọ oògùn, iye tí wọ́n ń lò, àti abẹ́rẹ́ péènì. Fún Amẹ́ríkà, èyí tó máa tó oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń gbani nímọ̀ràn láti má kọjá. Kí ohun dídùn kan náà wà nínú àpò ẹ̀wù, kì í ṣe nínú báàgì tó wà lókè orí: ṣúgà onígun, súwíìtì, tàbí júùsì kékeré tẹ́ ẹ bá ti wọlé tán.

Tí bàálù bá pẹ́, tàbí tẹ́ ẹ bá gbàgbé

Tí bàálù Màmá bá sún síwájú wákàtí mẹ́rin, ìwé wa ò yí padà rárá fún ínsúlínì, torí wákàtí la kà, mẹ́sàn-án alẹ́ Èkó náà ló ṣì jẹ́ níbikíbi tí wọ́n bá wà. Oúnjẹ nìkan ló yí padà, kí wọ́n jẹ ìpápánu, kí wọ́n wọn ṣúgà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Tẹ́ ẹ bá wá gbàgbé ọ̀kan, tàbí tẹ́ ò rántí bóyá ẹ ti lò ó, ẹ má lo méjì pọ̀ láé. Dókítà ní ẹni tí kò bá rántí bóyá òun ti gún ínsúlínì, kó gbà pé òun ti gún un, kó máa wọn ṣúgà ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kó pe dókítà. A wá ní kí Màmá fi bíró fa ìlà lórí ìwé yẹn kí wọ́n tó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára péènì. Ìlà yẹn ti yọ wá nínú àríyànjiyàn ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ń gbọ̀n, tó ń làágùn òjijì, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ dàrú, kó mu ohun dídùn kẹ́ ẹ tó wá ẹ̀rọ tí ẹ̀rọ bá jìn. Tí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ pe òṣìṣẹ́ bàálù, ẹ ní ṣúgà ni.

Àbọ̀, ibi tó ti bà jẹ́ fún wa tẹ́lẹ̀

Ẹ rántí pé ìyàtọ̀ ti di wákàtí márùn-ún lóṣù kẹrin, àti pé ọjọ́ máa kúrú. Tẹ́ ẹ bá dúró di ìgbà tẹ́ ẹ délé kẹ́ ẹ tó fa ínsúlínì padà, ó ti pẹ́ jù, wọ́n á ti gun ara wọn. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ní kí fífà náà bẹ̀rẹ̀ ní Àtìláńtà, kí Màmá tó wọ bàálù. Ó kù ọjọ́ méjì kí wọ́n gbéra, wọ́n gún un láago méje alẹ́ dípò mẹ́sàn-án. Ó ku ọ̀la, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ ìrìn àjò, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ní ẹ́pọ́ọ̀tù, bàálù á gbéra láago márùn-ún àtààbọ̀. Aago mẹ́rin yẹn, mẹ́sàn-án alẹ́ Èkó ni gẹ́lẹ́. Nítorí pé àlàfo kọ̀ọ̀kan jẹ́ wákàtí 22, 22, 23, dókítà dín yúnìtì 18 kù sí 16 fún ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó ní ẹlòmíì lè má nílò dídín kù, ti Màmá nílò ẹ̀ nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Mẹtifọ́mìnì ti alẹ́, wọ́n fi oúnjẹ bàálù gbé e, òun nìkan ni oògùn tí wọ́n lò lójú òfurufú. Wọ́n balẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àtààbọ̀ àárọ̀, wọ́n délé, wọ́n jẹun, wọ́n lo ti àárọ̀ pẹ̀lú amlodípìnì. Mo gba fóònù wọn lọ́wọ́ wọn, mo wo álámù ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ínsúlínì ò tún dé ọ̀dọ̀ wọn títí di mẹ́sàn-án alẹ́, wákàtí 24 gééré láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Àtìláńtà, wọ́n padà sórí yúnìtì 18. Mo sì rí i dájú pé wọ́n jẹ ẹ̀kọ náà tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Dókítà ní ká wọn ṣúgà lẹ́ẹ̀kan láàárín òru àkọ́kọ́. Aago mẹ́ta ni mo wọlé lọ gún ìka wọn. Ẹ̀rọ gbé 127 jáde. Màmá la ojú kan, wọ́n ní ṣé a ò ní jẹ́ kéèyàn sùn nínú ilé yìí ni, wọ́n yíjú sí ògiri.